Kíríìmù kan náà: làpálàpá apá lọ, ti orí ò lọ

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Làpálàpá mú àwọn ọmọ mi méjèèjì, ti ẹ̀gbọ́n wà lápá, ti àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà wà lórí. Kíríìmù kan náà ni mo fi ń pa àwọn méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ti apá ti ń lọ, àmọ́ ti orí, oṣù kejì rèé, ńṣe ló tún ń fẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní kọ́mọ lo oògùn oníhóró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀rù sì ń bà mí torí wọ́n ní oògùn yẹn máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ṣé kò sí kíríìmù tó lágbára ju eléyìí lọ ni?"

Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà náwó sí i: kò sí kíríìmù kankan, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lórí àtẹ, tó lè wo làpálàpá orí tán fúnra ẹ̀. Kì í ṣe pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín ò lágbára, ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́ lápá ẹ̀gbọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà gan-an ló wà lára àwọn méjèèjì, pé àbúrò ló kó o ran ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n jọ ń sùn. Ibi tí nǹkan náà sá pa mọ́ sí ló yàtọ̀. Lápá, ó wà lórí ilẹ̀ gbalasa. Lórí, ó ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn.

Ohun tó ń fa làpálàpá kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí, kì í sì í ṣe pé ọmọ ń jẹ nǹkan dídùn jù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ìbátan nǹkan tó ń mú kí búrẹ́dì bu tá a bá gbàgbé ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù. Àmọ́ kì í ṣe búrẹ́dì lèyí ń jẹ, kẹ́rátíìnì ni oúnjẹ ẹ̀, ìyẹn nǹkan líle tó para pọ̀ di irun, di èékánná, di awọ òkè pátápátá tó ti kú tó kàn ń dúró de ìgbà tó máa bọ́. Awọ òkú yẹn ló ń jẹ lápá ọmọ yín. Ó fẹ́lẹ́ gan-an, kò nípọn tó bébà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi kíríìmù pa á, oògùn ò ní ìrìn kankan láti rìn, lójú ẹsẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá. Nǹkan kejì sì tún ni pé awọ yẹn ń bọ́ lójoojúmọ́, tuntun ń ti ìsàlẹ̀ jáde, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ tán. Oògùn ń dá fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró pé kó má pọ̀ sí i, awọ tó ń bọ́ ń gbé e sọnù, àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kíríìmù kilotirimasóòlù lásán, tẹ́ ẹ bá fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, fi máa ń tó fún ti ara.

Ẹ wá wo irun. Irun tá a ń rí lókè, ihò kan ló ti ń hù jáde, ihò yẹn sì jìn wọnú awọ orí tó nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan kan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi wé awọ tó fẹ́lẹ́ ju bébà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn fi ẹ̀hìnkùlé wé kànga. Nísàlẹ̀ kànga yẹn ni gbòǹgbò irun wà, ibẹ̀ lara ti ń ṣe irun tuntun lójoojúmọ́, tó ń tì í gòkè díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì orí á kọ́kọ́ bà lé awọ orí, á ti ibẹ̀ yọ́ wọnú ihò irun, nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ á wọnú irun fúnra ẹ̀. Kì í ṣe ara irun ló rọ̀ mọ́ o, inú ẹ̀ ló wà. Lọ́pọ̀ ìgbà nílẹ̀ Áfíríkà lápá ọ̀dọ̀ wa, irú èyí tó ń kún inú irun bámúbámú la máa ń rí, irun á wá di bí ìgbà tí wọ́n ki gàrí sínú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, kò ní lágbára kankan mọ́, bó bá ṣe yọ orí síta báyìí ló máa dá. Kùkùté irun tó dá yẹn lẹ máa ń rí bí àmì dúdú kéékèèké láàárín ibi tó pá. Tẹ́ ẹ bá wo orí ọmọ yín dáadáa nínú oòrùn, ẹ lè rí i.

Nǹkan tó wá yà mí lẹ́nu jù nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ rèé, òun náà ló sì máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Irun ń gòkè, àbí? Tó bá jẹ́ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kàn jókòó jẹ́ẹ́ sínú irun ni, irun ì bá máa gbé e gòkè títí tá a máa fi fá a dànù, àìsàn ì bá tán fúnra ẹ̀. Àmọ́ kì í jókòó. Bí irun ṣe ń gòkè lòun náà ń walẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìwọ̀n tí irun fi ń gòkè náà ló fi ń walẹ̀, ó wá dà bí ẹni tó dúró sójú kan ṣoṣo. Kò ní wọnú gbòǹgbò tó wà láàyè, torí ibẹ̀ kẹ́rátíìnì ò tíì le, kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ńṣe ló dúró sí ẹnu ààlà gan-an, níbi tí irun tuntun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, lójoojúmọ́ ló ń rí oúnjẹ tútù. Ìyẹn lẹ fi máa rí ọmọ tí wọ́n fá lórí kodoro lónìí, tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹ̀ ti padà síbi tó wà. Orí lẹ fá, ẹ ò fá ìsàlẹ̀ kànga.

Kíríìmù tẹ́ ẹ fi ń pa á, ojú awọ ló wà. Díẹ̀ ẹ̀ lè wọnú ẹnu ihò lóòótọ́, àmọ́ kò lè rin mílímítà mẹ́ta sísàlẹ̀ kó tún wá ti ibẹ̀ wọnú irun tó le, kó sì pọ̀ tó láti ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tọ́jú ẹ̀wà, ẹ mọ̀ ọ́n: kòkòrò tó ti wọnú hóró ẹ̀wà, ẹ lè gbọn àpò títí, ẹ lè nu ara ẹ̀ títí, kòkòrò ṣì wà nínú. Ohun tí kíríìmù máa ń ṣe lórí ni pé ìpẹ́ funfun á dínkù, ìyún á dínkù, ìyá ọmọ á rò pé ó ti ń lọ, ìgbà yẹn ni kò sì ní lọ sí ọsibítù mọ́. Bákan náà ló rí pẹ̀lú ewé asunwọ̀n òyìnbó táwọn ìyá wa máa ń gún. Mi ò kì í bú u, agbára wà lára ewé yẹn fún fọ́ńgọ́ọ̀sì ara, mo ti rí èyí tó lọ lára èèyàn. Àmọ́ lórí, ẹnu ọ̀nà lòun náà máa dúró sí. Èyí tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn lórí ẹ̀ ni omi bátìrì, kẹrosíìnì àti kí wọ́n máa fi abẹ́ ha orí ọmọ títí tó máa fi ṣẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Mo ti tọ́jú ọmọ tí omi bátìrì jó lórí, làpálàpá ẹ̀ ì bá lọ kí irun padà, àmọ́ ibi tó jó yẹn ò hu irun mọ́ títí dòní.

Báwo ni oògùn oníhóró ṣe wá ń débẹ̀? Àwọn kan máa ń rò pé torí pé àìsàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí ọmọ gbé oògùn mì. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá o, ẹ̀jẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀nà ni. Gbogbo irun ló ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ ní gbòǹgbò. Ọmọ gbé oògùn mì, ó gba inú ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ìsàlẹ̀ kànga, níbi tí irun tuntun ti ń di ṣíṣe, oògùn á sì pò mọ́ irun yẹn bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń pò mọ́ yẹ̀pẹ̀ búlọ́ọ̀kù. Irun tó bá jáde látìgbà yẹn, oògùn ti wà nínú ẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Ilẹ̀ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń wà lọ sísàlẹ̀ yẹn á dúró. Irun ò ní dúró ní tiẹ̀, á máa gbé e gòkè lọ síta. Èyí tó ti wà nínú irun tẹ́lẹ̀, giríseofúlìfíìnì, ìyẹn oògùn oníhóró tí wọ́n sábà máa ń lò fún un, ò pa á, ó kàn tilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn ni, ó ń retí kí irun gbé e jáde.

Ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti wá. Irun tó ń rìn sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, ó máa pẹ́ díẹ̀ kí apá tó bàjẹ́ tó yọ kúrò nínú ihò pátápátá ká sì gé e dànù, fún ọmọ míì á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, fún ọmọ míì á tó mẹ́jọ, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ oògùn dúró lọ́sẹ̀ kẹta torí pé orí ti mọ́, giríseofúlìfíìnì kì í pẹ́ lára, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti lọ, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ṣẹ́ kù nínú ihò á rí i pé irun tó ń bọ̀ ti di jíjẹ padà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ kan fún yín, láti Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n ti gbé e wá bá wa níbí n'Ìkòròdú, ọmọ ọdún méje ni, kílò 18 ló wọ̀n. Làpálàpá ẹ̀ ti tó oṣù márùn-ún. Ìgbà tí ìyá ẹ̀ máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, kíríìmù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti lò, wọ́n tiẹ̀ ti ra oògùn oníhóró náà ní ṣọ́ọ̀bù kan, hóró kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo bi í léèrè pé hóró mílígíráàmù mélòó, ó mú páálí ẹ̀ jáde, giríseofúlìfíìnì mílígíráàmù 125 ni. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ọmọdé máa ń lo nǹkan bíi mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Kílò 18 lọ́nà 20, 360 nìyẹn, ìyẹn nǹkan bíi hóró 125 mẹ́ta lójúmọ́, kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ìdá mẹ́ta oògùn ni wọ́n fún un, fún ìdá mẹ́rin àsìkò, wọ́n wá ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà lẹni tó tà á ṣe, owó tí ìyá mú dání ló wò. Àmọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "a ti lo hóró náà, kò lọ."

Dókítà wa fún un ní hóró mẹ́ta lójúmọ́, a sì ní kó máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ tó lọ́ràá nínú, torí oògùn yìí kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa téèyàn bá lò ó sínú òfìfo tàbí lẹ́yìn ẹ̀kọ lásán. Àkàrà, ẹyin dídín, ẹja dídín, mílíìkì, ìkankan nínú ìwọ̀nyẹn ti tó. Lọ́jọ́ kẹrin ìyá pè mí, ó ń gbọ̀n, ó ní oògùn ti bá ọmọ òun jà, pé nǹkan kéékèèké tó ń yún ti sú bo ọrùn, etí àti àyà ẹ̀. Mo ní kó gbé e wá. Ara ò wú, ẹnu ò wú, kò ní ibà, mímí ẹ̀ dáa. Kì í ṣe oògùn ló bá a jà. Nígbà tí oògùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í da fọ́ńgọ́ọ̀sì láàmú, ara ọmọ míì máa ń fi ara sísú dáhùn, ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ìyá ti máa ń da oògùn sí ààtàn, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn ṣe é. Tí ojú tàbí ètè bá ń wú, tàbí tí ọmọ ò mí dáadáa, ìyẹn yàtọ̀ o, ẹ dá oògùn dúró lọ́jọ́ yẹn gan-an kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọ̀sẹ̀ kejì, orí ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ yìí ò yàtọ̀ kankan, mo sì ti sọ fún ìyá ẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìpẹ́ ti lọ, àwọn irun wínníwínní ti ń yọ láàárín àmì dúdú yẹn. Ìgbà yẹn ni bàbá ọmọ ní ó ti tó, kí wọ́n fi owó oògùn tó kù ra ìwé iléèwé. A bẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ha awọ orí ọmọ, a fa kùkùté irun díẹ̀ a yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ máíkírosíkóòpù, fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣì wà nínú méjì, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ti ń sọ pé orí ti san. A fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló tó mọ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n fi padà wá lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, mi ò lè tọ́ka sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ti ẹ̀dọ̀ tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ̀rù yín ní ìdí, mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ oògùn tó ba gbogbo wọn lórúkọ jẹ́ ni kẹtokonasóòlù oníhóró. Lọ́dún 2013, àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ gidigidi pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kí wọ́n má fi wo làpálàpá lásán mọ́. Kẹtokonasóòlù ti ṣáńpù ò léwu bẹ́ẹ̀, kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ débi tó máa ṣèpalára. Tẹ́nì kan bá wá gbé kẹtokonasóòlù oníhóró lé yín lọ́wọ́ fún ọmọ, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ béèrè giríseofúlìfíìnì tàbí tẹbinafíìnì. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń lo giríseofúlìfíìnì. Orí fífọ́, inú rírun, kí oòrùn tètè máa ta ọmọ lára, ìwọ̀nyẹn la sábà máa ń rí. Ọmọ tí ara ẹ̀ dá, tó fẹ́ lò ó fún oṣù kan àbọ̀ sí méjì, kì í sábà nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Ọmọ tó ti ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ lò ó. Tí ọmọ bá ń lo oògùn wárápá, ẹ sọ fún dókítà, torí àwọn kan nínú wọn máa ń dín agbára giríseofúlìfíìnì kù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹyinjú ọmọ di yẹ́lò, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi tíì, tó ń bì, tí kò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ dá oògùn dúró kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò. Èyí ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ àmì ẹ̀.

Tẹbinafíìnì ńkọ́? Òun ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì gan-an, ó sì máa ń pẹ́ nínú irun lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dáwọ́ dúró, ìyẹn ló fi máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń kún inú irun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Hóró ẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 250. Ọmọ tí kò tó kílò 20 ń lo ìdá mẹ́rin ẹ̀ lójúmọ́, láti 20 dé 40 ń lo ìlàjì, tó bá kọjá 40 ó ń lo odindi. Àwọn dókítà míì máa ń fẹ́ yẹ ẹ̀dọ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé irú fọ́ńgọ́ọ̀sì míì wà, èyí tí ológbò àti ajá máa ń kó ran ọmọdé wà lára wọn, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ò tó fún tẹbinafíìnì láti mú, giríseofúlìfíìnì ló mọ̀ ọ́n mú jù. Tí ológbò bá wà nílé yín tí irun ẹ̀ ń re, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́. Èmi ò lè ti Ìkòròdú wo orí ọmọ l'Ẹ̀pẹ́, nítorí náà ìwọ̀n tí mo kọ síbí yìí, torí kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí wọ́n bá fún un ní èyí tó kéré ni, dókítà tó bá wọn ọmọ lórí ìwọ̀n ló máa sọ iye tó máa lò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn oníhóró, ẹ máa fi ṣáńpù kẹtokonasóòlù fọ orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó ṣan án. Ṣáńpù náà ò lè dé ìsàlẹ̀ kànga, àmọ́ ó ń pa irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà lójú awọ, èyí tó ń kó ran àwọn tó kù. Tí oògùn àti ṣáńpù bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ lè máa lọ iléèwé. Fìlà, kóòmù àti aṣọ ìrọ̀rí, kí kálukú máa lo tiẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ àwọn tó ti lò. Tí wọ́n bá máa gé irun, gígé mọ́lẹ̀ dáa, ó ń yọ apá tó bàjẹ́ dànù, àmọ́ ẹ ra kílípà tiyín tó bá ṣeé ṣe, torí ọ̀pọ̀ orí tá à ń tọ́jú níbí, ìyá ọmọ á ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ sọ́dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara páálí kíríìmù yẹn fún mi. Tẹ́ ẹ bá rí bẹ́tàmẹ́tásóònù tàbí kilobetasóòlù níbẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n pò mọ́ ọn, ó pọ̀ nígboro. Sítẹ́rọ́ìdì máa ń pa ìyún àti pípọ́n lójú ẹsẹ̀, inú èèyàn á dùn, àmọ́ ńṣe ló ń mú ọwọ́ ara so kó má lè bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà, fọ́ńgọ́ọ̀sì á máa fẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdí tí ti orí fi ń fẹ̀ sí i nìyẹn. Ti apá ẹ̀gbọ́n, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí kilotirimasóòlù lásán, kẹ́ ẹ máa pa á kọjá etí ibi tó wà tó ìbú ìka kan, kẹ́ ẹ sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ojú bá ti mọ́. Tó bá padà wá nítorí sítẹ́rọ́ìdì ọjọ́ yẹn, tó wá fọ́n káàkiri, tàbí tó ní kókó kéékèèké líle nídìí irun apá, oògùn oníhóró ni òun náà máa nílò, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti wọnú ihò irun ara nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣìṣe lé lórí. Nígbà míì ara ọmọ máa ń gbógun ti fọ́ńgọ́ọ̀sì orí débi pé ibẹ̀ á wú, á rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, ọyún á máa jáde níbi púpọ̀, kókó á so lẹ́yìn ọrùn. Ó dà bí eéwo gan-an, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fi abẹ́ là. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n là á. Oògùn oníhóró yìí náà ló máa wò ó, kí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀, torí tó bá pẹ́ ó lè di àpá, ojú àpá ò sì lè hu irun.

Ẹ gbé ọmọ yìí lọ kí wọ́n yẹ orí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibi tó pá lórí ọmọ ni làpálàpá. Èyí tó bá pá tó ń dán, tí kò ní ìpẹ́, tí kò ní àmì dúdú, nǹkan míì ni, oògùn yìí ò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú gbogbo ọmọ tó wà nílé dání, títí kan ẹ̀gbọ́n tí tiẹ̀ wà lápá, torí ọmọ míì lè gbé e lórí láìpá níbì kankan, ìpẹ́ díẹ̀ péré, òun ló sì máa kó o padà ran èyí tẹ́ ẹ wò sàn. Ẹ má fi kíríìmù sí orí kankan fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ má sì fọ orí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má fi òróró pa á, torí ìpẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ha.